Ẹ̀kán Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Rúùtù gbé ìgò omi iyọ̀ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wò ó bóyá ìdọ̀tí kankan ń fò kiri nínú rẹ̀. Kò sí. Omi náà mọ́ gaara. Ó ka orúkọ omi tí wọ́n kọ sára ìgò, ó ka ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ó fi ìwé dókítà wé e, ó wá gbé e kọ́ sórí irin gígùn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kẹrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kìíní ọdún 1988. Ọyẹ́ ti mú Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, eruku funfun sì bo ìlú bí ẹni da ẹ̀lùbọ́ sójú ọ̀run. Láti ojú fèrèsé ilé ìwòsàn kékeré náà, tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó, òjìji àwọn tó ń kọjá nìkan ni èèyàn lè rí. Ohùn wọn á kọ́kọ́ dé, ara wọn á tẹ̀lé e, wọ́n á sì tún yọ́ sínú funfun náà. Nínú wọ́ọ̀dù pàápàá, ohun gbogbo ń rọra lọ bí ẹni ń rìn lójú oorun.

Bàbá Mashood ni arúgbó tó wà lórí ibùsùn kẹrin. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, oníṣẹ́ awọ ni wọ́n, wọ́n sì ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n wá kí Ràmọ́tà ọmọ wọn tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, àmọ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni ìgbẹ́ gbuuru àti èébì dá wọn dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú wọn ti jìn wọnú, ahọ́n wọn ti gbẹ kókó, bí o bá sì fi ìka méjì fa awọ apá wọn, kò ní tètè padà sáyè rẹ̀. Omi ti tán lára wọn.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọkàn Bàbá kò lágbára. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, tí wọn kì í lè gun òkè díẹ̀ láìdúró mí. Dókítà Bámgbóṣé pe Rúùtù sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní:

“Nọ́ọ̀sì, omi ni yóò gba bàbá yìí là, omi náà ló sì lè pa wọ́n. Tó bá lọ́ra jù, wọ́n á gbẹ. Tó bá yára jù, ọkàn wọn kò ní lè tì í lọ, á wá ya wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílílítà ní wákàtí márùn-ún. Mi ò fẹ́ kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọjọ́ Ajé lọ dáadáa. Ìgò ń tẹ̀lé ìgò, Bàbá sì ń sọjí díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ Ìṣẹ́gun mọ́, ibi tí abẹ́rẹ́ wà lápá òsì wọn ti wú. Rúùtù yọ ọ́, ó kó abẹ́rẹ́ àti okùn ró̩bà ọjọ́ kìíní dànù, ó sì lọ sí yàrá ẹrù lọ gba tuntun. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti tán. Mátírọ̀n Ọládépò, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, fúnra wọn ni wọ́n fi ọ̀bẹ la páálí ńlá kan tí ìjọ kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, wọ́n na okùn kan sí i nínú ọ̀rá rẹ̀.

“Tọ́jú ẹ o,” ni Mátírọ̀n wí. “Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.”

Bí Rúùtù ṣe dúró síbi ibùsùn kẹrin lágogo mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Ó já ọ̀rá náà, ó gún ìmú okùn sí ẹnu ìgò, ó fi ìka tẹ ilé ẹ̀kán, ìyẹn ike róbótó tí omi ti máa ń kán kí ó tó wọ okùn, títí omi fi dé ìdajì rẹ̀. Ó jẹ́ kí omi sáré gba inú okùn kọjá títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán, ó wá so ó mọ́ abẹ́rẹ́ tuntun lápá ọ̀tún Bàbá.

Ó kù kó mọ iye ẹ̀kán tí yóò máa bọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú wọ́ọ̀dù yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣírò rẹ̀ mọ́. Páálí funfun kan wà lára ògiri lẹ́yìn tábìlì, Mátírọ̀n ló fi tádàwà pupa kọ ọ́ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, gbogbo nọ́ọ̀sì á tò síwájú rẹ̀, wọ́n á sì ké e bí ọmọ iléèwé ṣe ń ké ìṣirò:

“Ìgò kan ní wákàtí mẹ́rin, méjìlélógójì! Ìgò kan ní wákàtí márùn-ún, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Ìgò kan ní wákàtí mẹ́fà, méjìdínlọ́gbọ̀n!”

Rúùtù pẹ̀lú a máa ké e, àmọ́ kì í lè gba nǹkan gbọ́ láìtú u wò. Oṣù àkọ́kọ́ tó dé láti Ọ̀yọ́ ló ti fi pẹ́ńsù ṣe é sẹ́yìn ìwé. Ìgò kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílílítà. Ogún ẹ̀kán ní í di mílílítà kan. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́nà ogún jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹ̀kán. Wákàtí márùn-ún jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ìṣẹ́jú. Bí o bá pín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹ̀kán fún ọ̀ọ́dúnrún ìṣẹ́jú, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ó lé díẹ̀ ló máa kan ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ó bá ti orí páálí mu. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ṣí ẹ̀yìn rédíò tó sì rí ibi tí ohùn ti ń jáde.

Ó fi ọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń fún okùn, ó gbé aago kékeré tó fi kọ́ àyà aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń kà. Ọgbọ̀n. Ó ṣí i díẹ̀ sí i. Mẹ́rìndínlógójì. Ó dí i padà bí ìbú irun. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó tún kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan sí i. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gééré.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tí àwọn tó kù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gé pílásítà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi bírò fa ìlà sí i ní ọgọ́rùn-ún mílílítà kọ̀ọ̀kan: aago mọ́kànlá, aago méjìlá, aago kan, aago méjì, aago mẹ́ta. Bí omi bá ń lọ bó ṣe yẹ, ojú omi á máa kan ìlà bí aago bá ṣe ń lù.

“Nọ́ọ̀sì ti ń ránṣọ fún ìgò,” ni Ràmọ́tà wí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ìbòrí rẹ̀ wé mọ́ ọrùn. “Sístà mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè jẹ́ kó sáré díẹ̀ ni? Kó tètè tán, kí agbára tètè dé. Ẹ̀kán yìí ń bọ́ bí ẹni tí wọ́n fipá rán níṣẹ́.”

“Àǹtí, bí ẹ bá fẹ́ fún ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta lóúnjẹ, ṣé ẹ máa da odindi ìkòkò sí i lẹ́nu ni?”

“Ó kéré tán, mi ò ní máa ka hóró ìrẹsì fún un!”

Bàbá rẹ́rìn-ín lórí ìrọ̀rí, láìlajú. “Ẹ fi ọmọ Ọ̀yọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sílẹ̀. Àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, kíákíá kíákíá ni tiyín.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí mi o,” ni Ràmọ́tà dáhùn. “Ọ̀yọ́ náà ni mo ti wá!”

“Àlùbọ́sà ti sọ ẹ di ará ibí.”

Rúùtù rẹ́rìn-ín, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ sídìí àwọn tó kù. Ó wẹ egbò ẹsẹ̀ ọkùnrin kan, ó fún obìnrin kan ní oògùn, ó tẹ́ ibùsùn kan. Ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ ń wọlé bí omi ọ̀gì. Gbogbo ariwo ìta dà bí ohun tó ń ti inú òwú jáde wá. Nígbà tó tún padà sídìí ibùsùn kẹrin, Ràmọ́tà ti ń tòògbé, àmọ́ ojú Bàbá là sílẹ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ilé ẹ̀kán.

“Ẹ ò sùn, Bàbá?”

“Mò ń bá wọn rìn ni,” ni Bàbá wí, ohùn wọn rọlẹ̀ bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú àlá. “Láti àná ni mo ti ń bá wọn rìn. Ẹ̀kán kan bọ́, mo gbé ẹsẹ̀ kan. Òmíràn bọ́, mo gbé ìkejì. Títí ilẹ̀ àná fi ṣú, mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti ń gbóòórùn awọ tí wọ́n ń pa láró níwájú ilé wa l’Ọ́yọ̀ọ́. Àmọ́ ti òní kò jẹ́ kí n rìn dáadáa.”

“Kí ló ṣe wọ́n?”

“Wọ́n sanra.”

“Kí ló sanra, Bàbá?”

“Ẹ̀kán yín. Ti àná rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ìlu tí a fi ń lu awọ. Tòní sanra, ó ń bọ́ gbì. Ó ń pẹ́ kó tó já, bí ìgbà tí nǹkan bá wúwo lọ́wọ́ ẹni.” Wọ́n mí. “Àyà mi náà sì ń wúwo díẹ̀.”

Ràmọ́tà ti jí. “Ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn yẹn, Sístà. Lálẹ́ àná wọ́n ní ewúrẹ́ ń jókòó lórí fáànù.”

Rúùtù fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ àyà tó wúwo yẹn kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà jáde. Ó gbé ojú sókè wo pílásítà rẹ̀. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú omi kò gbọ̀dọ̀ tíì kan ìlà aago mọ́kànlá. Àmọ́ ó ti kọjá ìlà náà. Ó ti wà ní agbedeméjì ìlà mọ́kànlá àti méjìlá. Mílílítà márùndínlọ́gọ́rin ló yẹ kó ti lọ. Àádọ́jọ ló ti lọ.

Ó fi ìka kan ìlà náà, ó tún un wò.

Ohun àkọ́kọ́ tó rò ni pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. “Àǹtí, ṣé ẹ ṣí i ni?”

“Èmi? Wálláhì, mi ò fọwọ́ kàn án! Mo kàn ń pariwo lásán ni.”

Ó gbé aago sókè, ó kà. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó fi aago rẹ̀ wé ti ara ògiri: méjèèjì ń lọ bákan náà. Kẹ̀kẹ́ kò yí, iye ẹ̀kán pé, aago pé, síbẹ̀ omi ti lọ ní ìlọ́po méjì. Bí iye kò bá yí padà, tí àkókò kò sì yí padà, kí ló kù?

Ẹ̀kán náà fúnra rẹ̀ ló kù.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ l’Ọ́yọ̀ọ́, àmù ìyá rẹ̀ sán nídìí, omi sì ń kán jáde. Dípò kó ké sí ẹnikẹ́ni, ó gbé agolo mílíìkì sábẹ́ rẹ̀, ó jókòó tì í láti ìdájí títí àwọn òbí rẹ̀ fi ti ìsìn àdúrà dé, ó ń ka iye ẹ̀kán tó máa kún agolo. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fi ọ̀dà dí díẹ̀ lára ojú ibi tó sán, iye náà yí padà. Wọ́n nà án torí omi tó ṣòfò, àmọ́ ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ẹnu tí omi ti ń jáde ló ń pinnu bí ẹ̀kán ṣe máa tóbi tó.

Ó di kẹ̀kẹ́ mọ́ títí ẹ̀kán fi ku díẹ̀díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ má baà dí. Ó gbé Bàbá dìde jókòó, ó fi ìrọ̀rí mẹ́ta tì wọ́n lẹ́yìn. Ó ka èémí wọn, ó ka ìlù ọkàn wọn níbi ọrùn ọwọ́. Èémí ti yá díẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Ó ní kí Ràmọ́tà má kúrò níbẹ̀, kó pariwo bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ wọ́ọ̀dù sáré lọ pe Dókítà. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó wá ọ̀rá tó já láàárọ̀ kàn. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà tíńtín, ó rí i: ẹ̀kán mẹ́wàá fún mílílítà kan.

Mẹ́wàá ni. Kì í ṣe ogún.

Ó gbé ọ̀rá náà tọ Mátírọ̀n lọ nídìí tábìlì.

“Ẹ má bínú, mà. Okùn tuntun yìí kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kán rẹ̀ tóbi ní ìlọ́po méjì. Orí páálí wa kò bá a mu.”

Mátírọ̀n Ọládépò gbé dígí wọn sókè. “Páálí wo?”

“Tiyín, mà.”

“Rúùtù. Ọdún mẹ́rìnlá ni páálí yẹn ti wà níbẹ̀. Ìwọ dé láti oṣù wo?”

“Oṣù kẹjọ, mà.”

“O ò tíì lo ọdún kan. O wá fẹ́ sọ fún mi pé omi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kán lọ́nà mìíràn?” Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà nítòsí fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ìwé kékeré ara ọ̀rá yẹn, ta ló mọ ẹni tó kọ ọ́? Bóyá ti okùn tí wọ́n fi ń fúnni lẹ́jẹ̀ ni.”

Rúùtù mọ̀ pé bí òun bá jiyàn, àárọ̀ á di ọ̀sán. Àwọn ibùsùn méjì mìíràn wà tí okùn tuntun ti wọ̀ láàárọ̀ yẹn. “Mà, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí mo bá purọ́, ẹ kọ ìwé lé mi lọ́wọ́.”

Ó mú okùn tuntun kan jáde látinú páálí tí ìjọ fi ránṣẹ́, ó gún un sínú ìgò kan tí omi ṣẹ́ kù sí láti àná. Ó mú sìríńjì tó ń gba mílílítà márùn-ún, ó yọ igi inú rẹ̀ sọnù, ó di ìmú rẹ̀ pa. Ó wá ti ẹnu okùn bọ inú sìríńjì náà, ó gbé e lé Mátírọ̀n lọ́wọ́.

“Ẹ wo ilé ẹ̀kán, mà, ẹ máa kà. Èmi á máa wo sìríńjì. Tó bá pé mílílítà márùn-ún, mo máa sọ. Bó bá jẹ́ ogún ní mílílítà kan, ẹ gbọ́dọ̀ ka ọgọ́rùn-ún.”

Ó tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ètè Mátírọ̀n ń mì: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Omi ń gòkè nínú sìríńjì bí ìgbà tí iná bá rọra ń gun àtùpà. Ogún. Ọgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé ogójì, ohùn wọn ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àádọ́ta, Rúùtù di kẹ̀kẹ́ mọ́.

“Ó ti pé, mà.”

Mátírọ̀n gbé sìríńjì náà síwájú ojú. Mílílítà márùn-ún, kò lé, kò dín. Wọ́n yí ojú wo páálí tádàwà pupa náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ kan tí kò dá wọn mọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde wéré.

“Ibùsùn kejì àti ìkeje,” ni wọ́n wí. “Èmi á lọ sí ìkeje. Nọ́ọ̀sì Victoria, sáré sí ìkejì, dí i kù díẹ̀ ná. Rúùtù, padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ.”

Dókítà Bámgbóṣé ti dé. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sẹ́yìn Bàbá, ní apá òsì, ní apá ọ̀tún, wọ́n ní kí Bàbá mí sínú, kí wọ́n mí síta. Ràmọ́tà di etí ìbòrí rẹ̀ mú, ètè rẹ̀ ń sọ àdúrà. Ó pẹ́ kí Dókítà tó gbé orí sókè.

“Omi kò tíì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn ń sáré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé e. Èló ló ti lọ?”

“Àádọ́jọ mílílítà, sà, ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta ló kù.”

“Bí ẹ bá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, á ti tán kí aago kan tó lù.” Dókítà mi orí. “Ta ló rí i?”

“Bàbá ni, sà. Wọ́n ní ẹ̀kán ti sanra.”

Dókítà wo Bàbá, Bàbá wo Dókítà.

“Kó má yá mọ́,” ni Dókítà wí. “Láti aago mọ́kànlá, ẹ fi wákàtí márùn-ún mìíràn fún wọn ní èyí tó kù. Ẹ máa ka èémí wọn ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Kí wọ́n máa tọ̀ sínú ìgò, kí ẹ lè mọ iye rẹ̀.”

Rúùtù fa ìwé yọ. Kò wo ògiri. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta mílílítà lọ́nà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀kán. Wákàtí márùn-ún, ọ̀ọ́dúnrún ìṣẹ́jú. Mọ́kànlá ó lé díẹ̀ tó sún mọ́ méjìlá. Méjìlá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Mátírọ̀n, tó ti padà dé, dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀, wọ́n ń ṣe é lórí àtẹ́lẹwọ́ tiwọn. Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Ó ya pílásítà àtijọ́ kúrò, ó lẹ òmíràn, ó fa ìlà tuntun sí i. Ó yí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀kán kan bọ́. Ó ka márùn-ún. Òmíràn bọ́.

“Sístà,” ni Ràmọ́tà wí lóhùn kékeré, “ẹ má jẹ́ kó sáré mọ́ o. Mo ti jẹ́wọ́. Ẹ máa ka hóró ìrẹsì yín.”

“Á tán nígbà tí aago mẹ́rin bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ.”

“Ẹ̀hẹn? Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ aago mẹ́rin gan-an?”

“Nítorí pé méjìlá fi díẹ̀ ju ohun tó yẹ lọ. A kò lè ka ìdá ẹ̀kán.”

Ràmọ́tà wò ó títí. “Ọmọ yìí, ta ló bí ẹ?”

“Awakọ̀ kan l’Ọ́yọ̀ọ́, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà.”

“Ó bí ẹ re.”

Ọ̀sán gùn. Ọyẹ́ ń kọjá lójú fèrèsé bí agbo àgùntàn tí kò ní darandaran. Ẹ̀kán ń bọ́, ó ń dúró, ó ń bọ́. Rúùtù ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ka èémí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, èémí Bàbá ti rọlẹ̀. Nígbà tí aago kan lù, wọ́n sùn, wọ́n ń rìn lójú oorun, ìka ẹsẹ̀ wọn ń mì lábẹ́ aṣọ ìbora, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Nígbà tí aago méjì kọjá díẹ̀, wọ́n jí, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa fi tọ̀, Ràmọ́tà sì gbé ìgò náà jáde bí ẹni gbé ẹ̀bùn ìgbéyàwó, ó ń fi han gbogbo ibùsùn tó kọjá: “Ẹ wò ó! Ẹ bá mi wò ó! Ó ti dé ibi tó ń lọ!”

“Àǹtí, ẹ bò ó!”

“Kí ni mo máa bò? Láti Sátidé la ti ń wá a!”

Ìlà lẹ́yìn ìlà, ojú omi ń pàdé wákàtí rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ràmọ́tà ti dúró sábẹ́ aago ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbàdí. Rúùtù dúró ti irin. Omi fi ọrùn ìgò sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ilé ẹ̀kán. Kí afẹ́fẹ́ tó rọ́nà tẹ̀lé e, ó di kẹ̀kẹ́ pa.

“Méje!” ni Ràmọ́tà kígbe. “Ó ku ìṣẹ́jú méje! O fi ìṣẹ́jú kan ṣìṣe!”

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, Bàbá pẹ̀lú.

Dókítà tún gbọ́ ẹ̀yìn Bàbá. Mímọ́ gaara, òkè àti ìsàlẹ̀. Ahọ́n wọn ti tutù, ojú wọn ti jáde, awọ apá wọn sì ń padà sáyè rẹ̀ ní kété tí èèyàn bá fà á. Dókítà ní kí wọ́n má gbé ìgò mìíràn kọ́ mọ́, kí Bàbá máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀kọ mímu tí kò ki. Rúùtù yọ abẹ́rẹ́, ó fi òwú tẹ ojú rẹ̀. Bàbá gba ife ẹ̀kọ náà pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, ọwọ́ náà kò gbọ̀n, wọ́n sì mu ún tán láìsinmi mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Mátírọ̀n Ọládépò bá Rúùtù sọ nígbà tó ń múra àtilọ sílé. Wọn kò rẹ́rìn-ín; wọn kì í sábà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ìwé tí wọ́n ń pín iṣẹ́ sí, wọ́n fi bírò pa orúkọ ara wọn rẹ́ níbi tí wọ́n kọ “Ẹ̀kọ́ omi, àárọ̀ ọjọ́ Ajé” sí, wọ́n kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀.

“Àwọn ọmọ tuntun méjìlá ń bọ̀,” ni wọ́n wí. “Ìwọ lo máa kọ́ wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ara ọ̀rá, kí wọ́n tó gbé ohunkóhun kọ́. Èmi náà á jókòó sẹ́yìn.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wá ní aago méje ààbọ̀, kí o sì mú sìríńjì wá.”